Akẹ́kọ̀ọ́ fa ọ̀rọ̀ yọ, kò wo ẹni tó kọ ọ́: máàkì mélòó ló tọ́ sí i?

Nínú ìdánwò ìtàn, bí wọ́n bá tẹ àyọkà sórí bébà, wọ́n máa ń fi ìlà kékeré kan sí i tó sọ ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó kọ ọ́ àti ohun tó bí i. Ìlà yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fò. Ìdáhùn wọn á gùn, á kún fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà yọ, síbẹ̀ máàkì rẹ̀ kò ní kọjá ìdajì.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé àdéhùn tí Dòsùnmú, ọba Èkó, fọwọ́ sí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861. Nínú rẹ̀, “Èmi, Dòsùnmú” sọ pé òun fi Èkó lé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn ìjòyè òun, kí ó lè dáàbò bo àwọn ará ìlú, kí ó fòpin sí òwò ẹrú, kí ó sì dá ogun tí Dàhọ̀mì ń jà láti kó ẹrú dúró. Ká ní ìbéèrè ni pé báwo ni àyọkà yìí ṣe wúlò tó fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì fi gba Èkó, máàkì 8. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá kọ ọ́ báyìí: “Ó wúlò gan-an, nítorí ó sọ pé wọ́n fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú. Ó tún sọ pé wọ́n fẹ́ dáàbò bo àwọn ará Èkó. Dòsùnmú fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun fún wọn, nítorí náà òtítọ́ ni.”

Ẹni tó ń máàkì kì í yọ máàkì kúrò nítorí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò kọ. Ó ń wá ìpele tí ìdáhùn náà bá mu jù lọ, lẹ́yìn náà ló máa yan máàkì inú ìpele yẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ tó fà yọ tọ́, ó sì so wọ́n mọ́ ìbéèrè, nítorí náà kò sí ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tí àyọkà wí ló kàn tún wí. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í gba ju 3 tàbí 4 lọ. Bó bá fa ọ̀rọ̀ mẹ́fà mìíràn yọ, ibẹ̀ náà ni yóò wà.

Ọgbọ́n kan wà tí a fi ń dá a mọ̀. Ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ ẹni tó kọ àyọkà, kí ẹ sì tún ìdáhùn kà. Bí kò bá sí gbólóhùn kan tó yí padà, akẹ́kọ̀ọ́ kò lo ìlà kékeré yẹn rárá. Nínú ìdáhùn wa, gbólóhùn tó kẹ́yìn dárúkọ Dòsùnmú, ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ló ti ṣìnà. Àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ló ṣètò ìwé náà lédè wọn. Àmì lásán ni Dòsùnmú fi sí i, lẹ́yìn tí ọ̀gá ọkọ̀ ogun *Prometheus* ti halẹ̀ pé òun á yìnbọn lu ìlú. Kò pẹ́ tí Dòsùnmú kọ̀wé sí ọbabìnrin láti fi ẹ̀hónú hàn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí i fún Gẹ̀ẹ́sì ni William McCoskry, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Apọ́ngbọ̀n nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa. Adelé kọ́ńsù ni, ó sì tún jẹ́ oníṣòwò. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé náà ń ka ìdí rẹ̀, kò dárúkọ òwò tó bófin mu. Lẹ́tà tí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù kọ ní oṣù kẹfà ọdún kan náà dárúkọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ìyàtọ̀ yìí, tó sì sọ pé àyọkà náà wúlò láti mọ ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí aráyé gbọ́, kò ju ìyẹn lọ, ti wọ 7 tàbí 8.

Ìdáhùn tó ń da àwọn olùmáàkì láàmú jù wà láàárín méjèèjì: “Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́, nítorí náà ojúsàájú wà nínú rẹ̀.” Ó dárúkọ òǹkọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn bá ìwé Gẹ̀ẹ́sì èyíkéyìí mu. A kì í fi òun nìkan gbé ìdáhùn kúrò ní ìpele rẹ̀, àfi bó bá tọ́ka sí ọ̀rọ̀ inú àyọkà tí ojúsàájú náà ti hàn. Lọ́nà kejì, ẹni tó kọ “wọ́n ní ààbò làwọn fẹ́ fún Èkó, nígbà tí ọkọ̀ ogun dúró ní ọ̀sà” ti lo ìdí tí wọ́n fi kọ ìwé náà, bí kò tilẹ̀ yà á sí ìpínrọ̀ ọ̀tọ̀. Olùmáàkì tó bá ń sáré máa ń fo irú èyí.

Bí ìbéèrè bá sì jẹ́ “Kí ni àyọkà sọ?” péré, ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn lè gba gbogbo máàkì rẹ̀.