Ọ̀gá ní kó o gé rípọ́ọ̀tù kúrú, kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe

Ọ̀gá fi rípọ́ọ̀tù olójú ewé 64 ránṣẹ́ sórí wọ́tsáàpù, wọ́n ní "jọ̀ọ́ bá mi gé e kúrú", wọ́n ti wọ mítìn. O ò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ buwọ́ lu nǹkan ni, àbí bọ́ọ̀dù ló máa da ìbéèrè bò wọ́n, àbí wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ káwọn fúnra wọn jókòó kà á.

Má bi wọ́n pé "kí lẹ fẹ́ fi ṣe mà?", ìbéèrè yẹn gùn ún dáhùn, wàá dúró títí. Èyí ni kó o tẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ṣé ẹ fẹ́ fi ṣèpinnu ni àbí ti bọ́ọ̀dù ni? Tí mi ò bá gbúròó yín, ti ìpinnu ni màá ṣe." Mo mú ìpinnu torí ẹni tó ń lọ bá bọ́ọ̀dù náà ò lè ṣe kó má mọ iye owó àti ewu tó wà níbẹ̀.

Ká ní rípọ́ọ̀tù ọ̀hún ní kí wọ́n fi sọ́là rọ́pò jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé yàrá tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Àkékúrú tó wà níwájú ní ọdún 4 lowó máa fi padà wọlé. Má dà á kọ o! Lọ sẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ṣèṣirò, ibẹ̀ lo ti máa rí i pé ọdún 4 yẹn, àfi tí bátìrì bá lo ọdún 8, tí òrùlé sì lè gbé ẹrù náà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì gun òrùlé yẹn lọ wò ó. Irú "tí" báyìí ló máa ń kọ́kọ́ jábọ́ tá a bá ń gé ìwé kúrú, òun náà ló sì lè ti ọ̀gá sí gbèsè.

Bí màá ṣe kọ ọ́ rèé: "Ti ìpinnu ni mo ṣe é. Wọ́n ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí mílíọ̀nù 48 náírà kóṣù yìí tó parí. Owó á padà lọ́dún 4 tí bátìrì bá lo ọdún 8, tí òrùlé bá sì gbà á, wọn ò tíì yẹ òrùlé wò, ojú ewé 41. Mi ò fi ọ̀rọ̀ wáyà sí i, ó wà lójú ewé 44 sí 58." Mílíọ̀nù 48 ni kó o kọ, má sọ ọ́ di "bí àádọ́ta". Tó o bá lérò tìẹ, yà á sọ́tọ̀ nísàlẹ̀, kí wọ́n má rò pé ẹni tó kọ rípọ́ọ̀tù ló sọ ọ́.

Kó o tó fi ránṣẹ́, fi èyí tó o gé han ẹnì kan ní ọ́fíìsì tí kò ka rípọ́ọ̀tù náà, kó o bi í pé kí ló lè ba ọdún 4 yẹn jẹ́. Tí kò bá dárúkọ bátìrì àti òrùlé, o ti gé e jù nìyẹn, dá wọn padà síbẹ̀.