Fíríkúẹ́ńsì Sẹpéréṣọ̀n: kí àwọ̀ ojú dọ́gba láìdi ojú rọ́bà

Ohun tó máa ń sọ ojú èèyàn di rọ́bà nínú fótò ni pé wọ́n jẹ́ kí gbogbo ojú ṣe bàìbàì pọ̀, àpá dúdú lọ lóòótọ́ àmọ́ ihò òógùn àti irun wẹ́wẹ́ náà bá a lọ. Fíríkúẹ́ńsì sẹpéréṣọ̀n máa ń pín fótò yẹn sí léyà méjì, ìsàlẹ̀ gbé àwọ̀ àti òjìji, òkè gbé kìkì ihò òógùn àti ìlà tín-ín-rín, téèyàn bá tún ọ̀kan ṣe èkejì ò ní mọ̀ ọ́n lára.

Nínú Fótóṣọ́ọ̀pù, ẹ̀dà méjì ni wọ́n máa ń ṣe. Tìsàlẹ̀ ni wọ́n á fi Gaussian Blur sí. Lórí tòkè, wọ́n á ṣí Apply Image, wọ́n á mú tìsàlẹ̀ ní Layer, Blending á jẹ́ Subtract, Scale 2, Offset 128, ìyẹn fún fáìlì 8-bit o. Kọ̀ǹpútà á wá yọ àwọ̀ kúrò nínú tòkè, á di eérú. Scale 2 yẹn ti pín ìyàtọ̀ sí méjì, Linear Light tí wọ́n á yàn ní blend mode léyà òkè ló máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì padà, torí ẹ̀ ni fótò ṣe gbọ́dọ̀ rí gẹ́lẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tó bá yàtọ̀, nọ́ńbà kan ti ṣì nìyẹn.

Radius ti Gaussian Blur gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ká mú ojú ìyàwó tó kún fótò 24 mẹ́gápíksẹ̀lì, tí iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀ dúdú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa gbé radius sókè títí ihò òógùn á fi pòórá àmọ́ tí imú àti ètè ṣì hàn, ó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bíi 10, tó bá jẹ́ pé ó dúró tẹsẹ̀tẹsẹ̀ nínú fótò, 3 lè tó. Tó bá kéré jù, ihò òógùn á kù sísàlẹ̀, bí wọ́n bá ti ń tún àwọ̀ ṣe ni wọ́n á máa nù ún dà nù, rọ́bà náà la tún padà sí. Tó bá pọ̀ jù, dúdú ẹ̀gbẹ́ ẹnu yẹn á gun òkè lọ, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ tún ìsàlẹ̀ ṣe tó, kò ní lọ.

Lórí ìsàlẹ̀, wọ́n á fi Lasso tí Feather ẹ̀ tó 20 yí ibi tó dúdú ká, wọ́n á tún fi Gaussian Blur sí ibẹ̀ nìkan, kò gbọ́dọ̀ kan etí ètè o, àwọ̀ ètè á yí mọ́ awọ. Irorẹ́ tó wú, òkè ni wọ́n ti ń fi Healing Brush mú un, Sample á wà ní Current Layer.

Ihò òógùn nìkan ò tó ṣá. Tí òjìji ẹ̀gbẹ́ imú àti abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ti dọ́gba, ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ bí pátákó, ó sàn kí wọ́n tún ṣe ẹ̀dà léyà ìsàlẹ̀ kan sórí ẹ̀, kí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà yẹn, kí wọ́n wá dín Opacity ẹ̀ kù sí 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ibi tí fíláàṣì bá sì ti jó iwájú orí di funfun, kò sí àwọ̀ níbẹ̀, kò sí ihò òógùn tí wọ́n máa yà sọ́tọ̀, Clone Stamp láti ibòmíì lára awọ ló kù níbẹ̀.