Kréátínìnì 12.4: lẹ́tà kan tó fẹ́ gbé màmá lọ sídìí ẹ̀rọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, àìsàn mú màmá wa ní Kùtọnu, ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́jú wọn. Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé àyẹ̀wò wọn. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, a fi ránṣẹ́ sí dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà bá bi wá pé ṣé wọ́n ti ń fọ kídìnrín màmá, ṣé àyà ṣì ń dùn wọ́n? Bí mo ṣe ń kọ èyí, màmá ń dín àkàrà ní Lágere níbí. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Mo gbé ìwé Faransé yẹn àti ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti kídìnrín, lẹ́tà kan ṣoṣo ló dá a sílẹ̀. Láàbù Kùtọnu kọ `Créatinine : 12,4 mg/L`. Ọmọ yín kọ ọ́ ní mg/dL. Mo pè é. Ó ní òun wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mg/dL lòun ń rí, òun bá rò pé wọ́n gbàgbé d ni. Wọn ò gbàgbé nǹkan kan o. Bí ọ̀pọ̀ láàbù onífaransé ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

L yẹn, odindi líta ni. dL jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá líta. Ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kídìnrín ń sẹ́ dànù ni kréátínìnì. Tó bá ń pọ̀ lọ́nà tí kò yẹ, kídìnrín ń dáṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ da ṣíbí iyọ̀ kan sínú ìkòkò ọbẹ̀ ńlá, kẹ́ ẹ tún da ṣíbí kan sínú abọ́ kékeré, kẹ́ ẹ tọ́ méjèèjì wò. Lọ́ńdọ̀nù ní òṣùwọ̀n tiwọn, µmol/L, tí dókítà yẹn fi ń ronú:

```
12.4 mg/L  × 8.84 = 110 µmol/L
12.4 mg/dL × 88.4 = 1096 µmol/L
```

Ẹni tó bá rí 1096 tí kò béèrè ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ kídìnrín, kì í ṣe dókítà gidi. 110 ga díẹ̀, òun náà ló mọ ohun tó máa sọ sí i.

Ìwé yẹn fúnra rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí méjì tí ọmọ yín ìbá ti bi. Ní ọwọ́ ọ̀tún, lábẹ́ `Valeurs de référence`, wọ́n kọ 6 sí 11. Bí ti ara tó dá bá jẹ́ 6 sí 11, 12.4 ò lè jẹ́ ti ẹni tó ń kú lọ. Èkejì ni `Urée : 0,35 g/L`, yúríà, ìdọ̀tí mìíràn tí kídìnrín ń sẹ́ dànù, tí wọ́n kọ 0,15 sí 0,45 síwájú rẹ̀. Kídìnrín ò ní bà jẹ́ tó yẹn kí yúríà wá jókòó jẹ́jẹ́ sáàárín.

Ti àyà ńkọ́? Dókítà Kùtọnu kọ `angine`. Ọ̀rọ̀ yẹn jọ ti Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ nípa ìrora ọkàn, ọmọ yín sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun tó wú, tó ń dunni, ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀. Ti ọkàn ni `angine de poitrine`. Ẹ wo ìlà tó tẹ̀ lé e: `gorge rouge`, ọ̀fun pupa, wọ́n sì kọ amọksisílìn fún wọn. Ta ló ń fi ìyẹn wo ọkàn?

Ìbéèrè: Ṣé ká wá yí gbogbo nọ́ńbà sí ti Lọ́ńdọ̀nù?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà àti òṣùwọ̀n wà bí láàbù ṣe kọ wọ́n, kí 6 sí 11 yẹn náà bá wọn lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ran dókítà lọ́wọ́, ẹ fi 110 sínú àmì akámọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé atúmọ̀ ló ṣírò rẹ̀. Tí atúmọ̀ bá ṣi í ṣírò, dókítà á ṣì rí ohun tí láàbù rí.

Kámà nìkan lẹ máa yí padà. 12,4 Faransé ni 12.4 Gẹ̀ẹ́sì. Ṣúgà `1,250 g/L` tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á di ẹgbẹ̀rún kan lé lójú ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Àlàfo ni Faransé sì ń fi ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, torí náà `7 200` kì í ṣe nọ́ńbà méjì.

Ibì kan péré ló ku tí àlàyé atúmọ̀ ti pọn dandan: `Tension 14/8`. Sẹ̀ńtímítà ni wọ́n fi ka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yẹn, mìlímítà ni tiwa, 140/80. Ẹ fi 14/8 sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ èkejì sínú akámọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á ní òkú ló ń bọ̀.

Ẹ fi ìtumọ̀ tuntun ránṣẹ́ lónìí pẹ̀lú fọ́tò ìwé Faransé. Ẹ kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé èyí ló rọ́pò ti àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ dárúkọ ibi méjèèjì tó yí padà, torí ó ṣeé ṣe kí 1096 ti wọ fáìlì màmá níbẹ̀.