NNN lára owó ṣọ́ọ̀bù ní Tẹ́ksáàsì: kí ni, ta ló sì ń san án?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Hiúsítìnì láti máa ta oúnjẹ ilé wa. Síkúẹ̀ fíìtì 1,500 ni. Wọ́n kọ $20 síwèé, wọ́n wá kọ "+ $9 NNN" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èwo gan-an ni owó ilé?

Ìdáhùn: Méjèèjì lo máa san, àbúrò mi. $20 yẹn ni owó ilé pọ́ńbélé, lórí síkúẹ̀ fíìtì kọ̀ọ̀kan, fún ọdún kan. Ní 1,500, ó di $30,000 lọ́dún, ìyẹn $2,500 lóṣù. NNN ni ẹrù mẹ́ta tí onílé sọ̀ kalẹ̀ lórí ara rẹ̀ tó sì gbé ru ayálégbé: owó orí ilé, ìnṣọ́ránsì ilé, àti owó ìtọ́jú ibi tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù jọ ń lò, èyí tí wọ́n máa ń kọ ní CAM. Tírípù nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, torí pé owó ilé tó bọ́ sọ́wọ́ onílé ti mọ́, ìnáwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tún ní bù ú jẹ.

$9 lórí 1,500 jẹ́ $13,500 lọ́dún, $1,125 lóṣù. Tí o bá rò ó pọ̀, $3,625 lo máa san lóṣooṣù, kì í ṣe $2,500. Iná, omi, àti ìnṣọ́ránsì ọjà tìrẹ kò tíì sí níbẹ̀. Ìnṣọ́ránsì tó wà nínú NNN, ilé onílé nìkan ló ń dáàbò bò. Bí omi bá ba ẹ̀lùbọ́ àti fíríìsà rẹ jẹ́, kò kàn án.

Ìdí nìyí tí o kò fi gbọ́dọ̀ fi owó ilé pọ́ńbélé nìkan díwọ̀n ṣọ́ọ̀bù méjì. Èyí tí wọ́n kọ $18 sí, tí NNN rẹ̀ jẹ́ $12, wọ́n ju èyí tó jẹ́ $22 pẹ̀lú NNN $6 lọ. Tún wò ó dáadáa bóyá iye ọdún kan ni wọ́n kọ tàbí ti oṣù kan. Ní Tẹ́ksáàsì, ti ọdún ló wọ́pọ̀; ní Kalifọ́níà, wọ́n sábà máa ń kọ ti oṣù.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kó yé ọ. $20 yẹn, àdéhùn ni. Kò lè yí padà àfi bí ìwé bá ṣe sọ. $9 yẹn, onílé kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi tó ń dirun ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ náà 1,500, kì í jẹ onílé lówó rárá. Síbẹ̀ wọ́n kọ lẹ́tà sí i ní oṣù kẹrin pé ó jẹ gbèsè $3,640. Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí yín. Ṣé wọn kò rẹ́ ẹ jẹ?

Ìdáhùn: Mo ti kà á. Ìṣirò òpin ọdún ni. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, onílé á fojú wo iye tí ẹrù mẹ́ta náà máa jẹ, á pín in, á sì máa gbà á lóṣooṣù. Tí ọdún bá parí tí gbogbo bíìlì sì ti dé, á wá fi iye tó ná wé iye tó gbà. Ẹni tó san lé, wọ́n á dá a padà fún un tàbí kí wọ́n yọ ọ́ nínú ti iwájú. Ẹni tó san dín ni lẹ́tà máa ń wá bá. Ní Tẹ́ksáàsì, bíìlì owó orí ilé sábà máa ń jáde ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, ọjọ́ 31 oṣù kìíní sì ni òpin sísan rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà fi máa ń dé lẹ́yìn ọdún tuntun.

Gbogbo ilé yẹn jẹ́ síkúẹ̀ fíìtì 15,000. 1,500 nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn sì ni ìpín ọ̀rẹ́ rẹ. Onílé rò pé owó orí máa jẹ́ $46,000, ìnṣọ́ránsì $24,000, ìtọ́jú $65,000. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni $13,500 tí ọ̀rẹ́ rẹ ti san. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé owó orí di $64,400, ìnṣọ́ránsì di $33,000, ìtọ́jú di $74,000. Àpapọ̀ $171,400, ìpín rẹ̀ $17,140. Ibi tí $3,640 ti wá nìyẹn. Wọ́n á sì gbé ti oṣooṣù kúrò ní $1,125 sí nǹkan bíi $1,428, torí ìnáwó ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ń díwọ̀n tuntun.

Owó orí ló fò sókè jù, mo sì rí i nínú lẹ́tà pé wọ́n ta ilé náà fún onílé mìíràn lọ́dún tó ṣáájú. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni ọ́fíìsì ìdíyelé káúńtì fi ń wo iye tí ilé tó. Mílíọ̀nù 2 ni wọ́n kọ́kọ́ kà á sí, wọ́n wá sọ ọ́ di mílíọ̀nù 2.8. Òfin kan wà fún 2024 sí 2026 tí kò jẹ́ kí ìdíyelé ilé bẹ́ẹ̀, tí kò bá ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ, fò sókè kọjá ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n tí ilé bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ààbò yẹn já. Onílé tuntun gbọ́dọ̀ ti ní ilé náà fún ọdún kan gbáko kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ayálégbé kò sí níbi tí wọ́n ti ta ilé, òun ló sì ń san owó orí tí títà náà fà. Mo mọ̀ pé ó dunni. Síbẹ̀, lórí owó orí àti ìnṣọ́ránsì, n kò rí ìrẹ́jẹ nínú lẹ́tà yìí. Owó ìtọ́jú ni kí ó yẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n lè kó sínú owó ìtọ́jú yẹn? Ṣé bí wọ́n bá pààrọ̀ òrùlé, èmi náà ni?

Ìdáhùn: Ohunkóhun tí ìwé àdéhùn bá gbà láàyè ni. Gbígbá ibi ìgbọ́kọ̀sí, iná ìta, gígé koríko, kíkó ìdọ̀tí, owó máníjà, kò sí ìjà nínú ìyẹn. Ìjà wà níbi iṣẹ́ ńlá tí yóò pẹ́ ju ìwọ lọ. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ìpín tìrẹ náà, wọ́n sì da ọ̀dà tuntun sí gbogbo ibi ìgbọ́kọ̀sí ní $60,000. Bí wọ́n bá kó o sí ọdún kan ṣoṣo, ìpín rẹ jẹ́ $6,000. Bí ìwé bá ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọdún 15 tí yóò fi wúlò, $400 lọ́dún ni. Bí ó bá jẹ́ ọdún márùn-ún lo gbà, $2,000 lo máa san, àwọn tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ á san tiwọn. Ohun kan náà ni òrùlé. Ó tọ́ kí ìwé sọ ọ́ ní tààrà: onílé ló ni òrùlé àti ara ilé, tàbí kí wọ́n tẹ́ owó rẹ̀ sórí ọdún tó máa wúlò. Tí kò bá sọ nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí o rí i nínú bíìlì.

Wo ìpín náà pẹ̀lú. Ìwé kan á ní kí wọ́n fi gbogbo ààyè tó wà nínú ilé pín 1,500. Òmíràn á ní kí wọ́n fi ààyè tí ènìyàn ti gbà nìkan pín in. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí 3,000 nínú ilé ọ̀rẹ́ rẹ bá ṣófo, 12,000 ló kù, ìpín rẹ̀ á kúrò ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sí méjìlá àbọ̀. Nínú $171,400 yẹn, á san $21,425 dípò $17,140. Ṣọ́ọ̀bù tí onílé kò rí ẹni gbà, ọ̀rẹ́ rẹ ló ń bá a sanwó rẹ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù ti orí òrùlé kì í sábà sí nínú NNN rárá. Ìwọ nìkan lo ni ín, àtúnṣe àti ìpààrọ̀. Èmi ò béèrè ọjọ́ orí tèmi nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́. Àárín oṣù keje ló kú, nínú ooru Hiúsítìnì, mo sì pààrọ̀ rẹ̀ lówó ara mi, nígbà tó jẹ́ pé ọdún méjì péré ló kù fún mi níbẹ̀. Mú oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá wò ó kí o tó gba kọ́kọ́rọ́. Ní kí onílé dúró fún un fún ọdún àkọ́kọ́, kó sì fi òpin sí iye tí ìpààrọ̀ lè ná ọ.

Ìbéèrè: Kí ni kí n béèrè kí n tó fọwọ́ síwèé? Tí mo bá sì ti fọwọ́ sí i, ṣé mo ṣì lè yẹ ìṣirò wọn wò?

Ìdáhùn: Béèrè ìwé ìṣirò òpin ọdún ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Iye tí wọ́n fojú díwọ̀n fún ọdún yìí nìkan kò tó. Bí ìwé ọdún mẹ́ta bá fi $11, $11.40, $12 hàn tí wọ́n wá ń sọ $9 fún ọ, o ti mọ ibi tó ń lọ. Bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ra ilé yìí, ṣé wọ́n sì ń gbé e jáde fún títà. Ní kí wọ́n fi òpin sí bí owó ìtọ́jú tó wà níkàáwọ́ onílé ṣe lè gun òkè, bóyá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Onílé kì í sábà gbà kí òpin yẹn kan owó orí tàbí ìnṣọ́ránsì, torí òun náà kò ní agbára lórí wọn.

Ẹ̀tọ́ láti wo ìwé ìnáwó gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí o ní lẹ́yìn tí lẹ́tà bá dé. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ní ọjọ́ díẹ̀ péré ni, bí ó bá sì kọjá, wọ́n á ní o ti gbà. Kí ọ̀rẹ́ rẹ lọ ka tirẹ̀ lónìí. Òfin Tẹ́ksáàsì tún wà lẹ́yìn rẹ: abala 93.012 ti òfin ilé sọ pé, yàtọ̀ sí owó ilé fúnra rẹ̀ àti owó ohun tí ayálégbé bá bàjẹ́, onílé kò gbọ́dọ̀ gba owó tí àdéhùn kò sọ iye rẹ̀ tàbí ọ̀nà tí wọn yóò fi ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin gbà kí ayálégbé jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ yìí, àwọn onílé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wá nọ́ńbà yẹn nínú ìwé rẹ. Bí o bá rí i, ó ṣeé ṣe kí gbólóhùn tó wà níbẹ̀ máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ti owó orí, ayálégbé tí àdéhùn ní kó san án padà lè bá ọ́fíìsì ìdíyelé jiyàn fúnra rẹ̀ bí onílé kò bá ṣe é. Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ni gbèdéke rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ìwé ìdíyelé, onílé ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, nítorí náà jẹ́ kí àdéhùn sọ pé ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ láàárín ọjọ́ 10 tó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀.