Bí A Ṣe Ń Yọ Tàdáwà Bíírò Lára Apá Àga Aláwọ Láìjẹ́ Kí Ọ̀dà Rẹ̀ Sán

Ọ̀pọ̀ àga onítìmùtìmù aláwọ tó wà nínú yàrá ìgbàlejò ni wọ́n ti kun ọ̀dà sí lórí láti ilé iṣẹ́. Ọ̀dà tó ní àwọ̀ wà nísàlẹ̀, èyí tó mọ́ gaara sì bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá fi bíírò fa ìlà sí apá àga, orí ọ̀dà yìí ni tàdáwà kọ́kọ́ dúró sí, kò tíì dé inú awọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi omi po aró bíírò. Ohun tó ki tó sì ń yọ̀ bí epo ni wọ́n fi ń pò ó, ìyẹn ló fi ń rìn wọ inú ọ̀dà díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà àná fi rọrùn láti yọ ju ti oṣù tó kọjá lọ.

Ìṣòro tó wà nínú iṣẹ́ yìí ni pé sípíríìtì tó ń tú tàdáwà náà ló ń tú ọ̀dà. Bí sípíríìtì bá pẹ́ lórí ọ̀dà, ọ̀dà á rọ̀, á sì wú. Nígbà tí sípíríìtì bá gbẹ tán, ó lè ti kó ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà máa tẹ̀ lọ, kí ọ̀dà wá gan, kí ó sì sán níbi tí apá àga ti ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Apá àga ló sì tètè ń bàjẹ́ jù, nítorí òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ ti ń jẹ ọ̀dà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń wá ni pé kí tàdáwà tú kí ọ̀dà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú, àkókò díẹ̀ ló sì wà láàárín méjèèjì.

Kí a tó fọwọ́ kan ìlà náà, ó yẹ kí a mọ irú awọ tí a ń bá ṣe. A ó kán omi kan ṣoṣo sí abẹ́ àga, níbi tí ojú kò tó. Bí omi náà bá dúró lórí awọ, a jẹ́ pé ọ̀dà wà níbẹ̀. Bí ó bá wọlé, tí ojú ibẹ̀ sì ṣókùnkùn, awọ náà kò ní ìbòrí tó nípọn, sípíríìtì yóò sì tan tàdáwà káàkiri inú rẹ̀. Irú èyí, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ awọ ni kí a gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àga aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó ní ọ̀dà, tí ìlà aláwọ̀ búlúù tó gùn tó ìka ọwọ́ wà lápá rẹ̀ láti àná. A ó kọ́kọ́ po ọṣẹ tó rọ̀ díẹ̀ mọ́ omi títí yóò fi hó, a ó sì fi ìfófó rẹ̀ nìkan nu ibẹ̀. Èyí kò ní yọ tàdáwà, ṣùgbọ́n ó ń kó ọ̀rá ọwọ́ kúrò kí sípíríìtì lè bá tàdáwà ní tààrà. Nígbà tí ibẹ̀ bá gbẹ, a ó da sípíríìtì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 70% pọ̀ mọ́ omi tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, a ó ki igi ìnutí olówùú bọ̀ ọ́, a ó sì fún un sórí tíṣù títí yóò fi tutù lásán láìkán. Sípíríìtì tí wọ́n ti pa láró kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí aró mìíràn ló tún ń gbé wá. Kí a má ṣe da ohunkóhun sórí àga fúnra rẹ̀, kí a sì ṣí fèrèsé, kí iná má sí nítòsí.

Abẹ́ àga ni kí a ti kọ́kọ́ dán an wò. Bí òwú bá dúró ní funfun, a lè lọ sórí ìlà. Kí a yí òwú náà lórí ìlà, kí a tẹ̀ lé bí ó ṣe gùn, kí a má fà á ní ìbú, nítorí ìbú ló ń sọ ìlà tín-ínrín di àbàwọ́n. Ìwọ̀nba ibi kékeré kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà kí a ju òwú tó ti di búlúù nù, nítorí bí a bá tún lò ó, tàdáwà tó ti jáde ni a ń dá padà. Kíá ni kí a fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu ibẹ̀, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ̀dà tún le, kí a tó padà sí i. Sùúrù yìí gan-an ló ń dáàbò bo ọ̀dà. Bí àpòpọ̀ náà kò bá ràn án, a lè lo sípíríìtì 70% láìfi omi sí i, pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà.

Àmì tó sọ pé kí a dáwọ́ dúró kì í fara sin: òwú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọ̀ ilẹ̀ dípò búlúù, tàbí ibẹ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ ìka, tàbí dídán rẹ̀ yóò lọ. Ọ̀dà ni ó ń jáde nígbà náà. Kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìfọwọ́ kàn án.

Asítóònù tí wọ́n fi ń nu èékánná kò yẹ kí ó dé ibẹ̀ rárá, nítorí ó lè ká ọ̀dà kúrò lójú ẹsẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín àti kàn-ìnkàn-ìn tó ń ha nǹkan ń bó ọ̀dà náà, kì í ṣe tàdáwà nìkan. Lẹ́yìn iṣẹ́, ìpara tí wọ́n ṣe fún awọ ni kí a fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kejì. Òrí àti epo ẹ̀pà ń fa eruku mọ́ra, wọ́n sì lè mú ọ̀dà rọ̀. Bí òjìji búlúù bá ṣì kù lẹ́yìn gbogbo èyí, tàdáwà ti wọ inú ọ̀dà lọ, sípíríìtì kò sì lè yọ ọ́ láìyọ ọ̀dà. Ohun tó kù ni kí oníṣẹ́ awọ kun ọ̀dà tó bá àwọ̀ àga mu sí ibẹ̀, kí ó sì fi èyí tó mọ́ gaara bò ó.