Pípọ́n Àwọ̀ Kọ́ Ni Pípọ̀ Nọ́ńbà

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tó bá pọ́n jù ló gbóná jù." Bí àbúrò mi ṣe sọ fún mi nípa àwòrán ooru kan nìyẹn, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó jù ú lọ dáadáa.

Ó gbé tẹmómítà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá wa ní Ọjà Ọba, níbi tí wọ́n ti ń ta wàrà lábẹ́ páànù, ó sì ń ka ooru ibẹ̀ ní wákàtí wákàtí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ó fi Python ya á sí àwòrán: ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀, àwọ̀ àpótí ló ń sọ bí ooru ṣe tó. Ọ̀pá àwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 20 dígírì nísàlẹ̀, 40 lókè. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà bàjẹ́, àwọn nọ́ńbà bá a lọ. Àwòrán nìkan ló ṣẹ́kù, ó sì fẹ́ fi àwọ̀ inú rẹ̀ wá àwọn nọ́ńbà náà padà.

Písẹ́lì ni ẹyọ tín-tìn-tín tí wọ́n fi to àwòrán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta nínú: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù, láti 0 dé 255. Àbúrò mi mú ti pupa nìkan. Ó ní kí 0 jẹ́ 20 dígírì, kí 255 jẹ́ 40. Ọ̀sán gangan Ọjọ́bọ̀ bá di 40, aago mẹ́ta di 34.5. Ìyá wa ní kò rí bẹ́ẹ̀, aago mẹ́ta ni wàrà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Nígbà tí a wo ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ díẹ̀ lára àwọn nọ́ńbà náà sí, 36 ló wà níwájú ọ̀sán, 39 níwájú aago mẹ́ta.

Ọ̀pá tó lò ni wọ́n ń pè ní `jet`, èyí tí matplotlib, irinṣẹ́ tí Python fi ń ya àwòrán, máa ń lò tí èèyàn kò bá yan òmíràn, kí `viridis` tó gbapò rẹ̀ ní 2017. Búlúù tó ṣókùnkùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àwọ̀ ewé àti ìyeyè kọjá, ó dé pupa, ó sì parí sí pupa tó ṣókùnkùn bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Lórí ọ̀pá 20 sí 40 yìí, nọ́ńbà pupa ti dé 255 ní nǹkan bí 33.2, kò sì kúrò níbẹ̀ títí dé nǹkan bí 37.8. Láti ibẹ̀ ló ti ń wálẹ̀. Nígbà tó bá dé 40, ó ti dín sí nǹkan bí 127, iye kan náà tó ní ní nǹkan bí 30. Ojú wa ń pe ọsàn tó pọ́n àti ẹ̀jẹ̀ ní pupa, nítorí náà ẹ̀tàn yìí ò tètè hàn sí wa. Sísọ àwòrán di dúdú òun funfun náà kò gbà á là: ìdí ọ̀pá ṣókùnkùn, orí rẹ̀ ṣókùnkùn, àárín ló mọ́lẹ̀.

Inú ọ̀pá fúnra rẹ̀ ni kí a ti wá ìdáhùn. Nínú àwòrán tiwa, orí ọ̀pá wà ní ìlà písẹ́lì 50, ìdí rẹ̀ ní 350. A ka gbogbo àwọ̀ tó wà láàárín, a mú písẹ́lì kan láti àárín gbùngbùn àpótí, a wá ìlà tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ jọ ọ́ jù. `img` ni àwòrán tí a ti kà wọlé gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà 0 sí 255, òpó 520 ló gba inú ọ̀pá kọjá, `r` àti `c` ni ìlà àti òpó písẹ́lì àpótí náà:

```python
bar = img[50:351, 520, :3].astype(int)
pix = img[r, c, :3].astype(int)
d = ((bar - pix)**2).sum(axis=1)
y = 50 + d.argmin()
T = 40 - (y - 50)/300*20
```

Ẹ má yọ `astype(int)` o. Láìsí i, 10 tí a bá yọ 20 nínú rẹ̀ yóò di 246, èsì yóò sì dàrú láìsí ẹni tí yóò kìlọ̀.

Àwọ̀ aago mẹ́ta Ọjọ́bọ̀ ni (185, 0, 0). Ìlà 65 ló bá a mu, ìyẹn 39. Ọ̀sán, (255, 104, 0), bọ́ sí 36. Àwọ̀ 256 péré ló wà nínú `jet`, nítorí náà èsì lè fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì yẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ 39.027.

`d` ló ń sọ bí àwọ̀ àpótí ṣe jìnnà sí àwọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀pá, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ náà sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Nínú PNG tí a kò fọwọ́ kàn, ó máa ń sún mọ́ òdo. Tí àwòrán bá gba orí Wásáàpù, tó di JPEG, àwọ̀ àpótí méjì á yí mọ́ra létí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní àárín. Bátìrì tẹmómítà kú fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Àìkú, àpótí méjèèjì sì funfun. Kóòdù yìí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó pè wọ́n ní nǹkan bí 30 dígírì, torí pé àárín ọ̀pá ló sún mọ́ funfun jù. Ṣùgbọ́n `d` wọn ju 30,000 lọ. A fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo.

Àpótí kan tún bá orí ọ̀pá mu gẹ́ẹ́. Ohunkóhun tó bá ju 40 lọ, àwọ̀ 40 náà ni wọ́n máa fi kùn ún, nítorí náà "40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ" ni mo ní kó kọ síbẹ̀.