Àfikún Alásopọ̀: Ọ̀nà Méjì Tí A Lè Gbà Wọ Inú Ínóònù

Sáíkílóhẹ́sẹ́nóònù, tí àmì rẹ̀ jẹ́ C₆H₈O, jẹ́ ohun olómi kan tí kábọ̀nù mẹ́fà inú mólékù rẹ̀ so kọ́ra bí òrùka. Bí a bá da mẹ́tílì-lítíọ́ọ̀mù, CH₃Li, pọ̀ mọ́ ọn nínú òtútù, tí a sì fi omi dá iṣẹ́ náà dúró lẹ́yìn náà, álíkọ́họ́ọ̀lù ni a ó rí nínú ìgò. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ da CH₃Li yìí pọ̀ mọ́ iyọ̀ bàbà kí ó tó pàdé sáíkílóhẹ́sẹ́nóònù, kítóònù, tí kábọ̀nù kan nínú rẹ̀ ṣì fi ìdè oníméjì di ọ́síjìn mú, ni yóò jáde, ẹgbẹ́ mẹ́tílì, ìyẹn CH₃, yóò sì ti lọ jókòó sórí kábọ̀nù mìíràn tí ó jìnnà díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Mẹ́tílì kan náà ni, mólékù tí ó wọ̀ sí lára kan náà ni, ibi tí ó gbà wọlé nìkan ni ó yàtọ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni a ń pè ní àfikún tààrà, èkejì ni àfikún alásopọ̀, ohun tí ó sì ń mú kí èyí tàbí ìyẹn ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí mólékù náà ṣe tò. Kábọ̀nù kan fi ìdè oníméjì di ọ́síjìn mú, èyí sì ni kábónílì. Kábọ̀nù tí ó tẹ̀ lé e tún fi ìdè oníméjì mìíràn di kábọ̀nù mìíràn mú, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá kọ wọ́n sílẹ̀, O=C–C=C ni a ó rí. Irú mólékù bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ínóònù. Tí a bá kà wọ́n láti ọ̀dọ̀ ọ́síjìn, ọ́síjìn ni ìkíní, kábọ̀nù kábónílì ni ìkejì, èyí tí ó wà láàárín ni ìkẹta, èyí tí ó wà ní ìpẹ̀kun ni ìkẹrin. Ọ́síjìn a máa fa ẹ̀lẹ́kítírọ́nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ju kábọ̀nù lọ, nítorí náà ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kì í tó kábọ̀nù kejì tí ó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ká ní ìdè oníméjì kejì jìnnà síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdè ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ìdè oníméjì méjèèjì, èyí sì mú kí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù inú wọn so pọ̀ bí omi inú ìkòkò méjì tí a fi ọ̀pá oníhò so mọ́ra: bí ọ́síjìn bá fà á níhìn-ín, kábọ̀nù kẹrin ni yóò dín kù lọ́hùn-ún. Ibi tí orúkọ náà, alásopọ̀, ti wá nìyẹn.

Èyí kì í ṣe ohun tí a kàn ń rò lọ́kàn. Ẹ̀rọ tí ń fi agbára òòfà wo kábọ̀nù kọ̀ọ̀kan inú mólékù máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù bá sì ṣe dín kù lára irú kábọ̀nù bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà náà máa ń ga sí i. Nínú sáíkílóhẹ́sẹ́nóònù, kábọ̀nù kẹta wà ní nǹkan bí 130 ppm, ṣùgbọ́n kábọ̀nù kẹrin wà ní nǹkan bí 150 ppm. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n jọ wà nínú ìdè oníméjì kan náà o, síbẹ̀ ọ̀kan ti pàdánù, èkejì kò sì mọ nǹkan kan lára.

Ohun tí ó ń wá ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kò tó, tí yóò fi méjì lára tirẹ̀ ṣe ìdè tuntun níbẹ̀, ni à ń pè ní nukilófáìlì. Bí ó bá wọlé ní ìkejì, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù kábónílì yóò sá lọ sórí ọ́síjìn, háídírójìn yóò sì wá lẹ̀ mọ́ ọ́síjìn náà, álíkọ́họ́ọ̀lù nìyẹn. Bí ó bá wọlé ní ìkẹrin, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù yóò sún láti ìdè kan sí ìkejì títí yóò fi dé orí ọ́síjìn bákan náà, ohun tí ó wà nínú ìgò ní àkókò yìí ni ínólétì. Nígbà tí a bá wá fi omi tàbí ásíìdì díẹ̀ sí i, háídírójìn yóò fìdí kalẹ̀ sórí kábọ̀nù kẹta, kábónílì yóò sì padà bọ̀ sípò. Ìdí nìyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń béèrè ìdí tí a fi ń pè é ní àfikún 1,4, nígbà tí ó jẹ́ pé orí ìkẹta àti ìkẹrin ni wọ́n rí ohun tuntun. Orí ínólétì ni kíkà náà dá lé, nítorí pé ọ́síjìn ni ìkíní tí ó kọ́kọ́ gba ẹrù náà.

Nígbà náà, ta ni ó ń lọ sí ìkejì, ta sì ni ó ń lọ sí ìkẹrin? Ní ọdún 1963, Ralph Pearson, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, dábàá pé kí a pín àwọn ohun tí ń fúnni ní ẹ̀lẹ́kítírọ́nù àti àwọn tí ń gbà á sí líle àti rírọ̀, ó sì ní líle a máa fẹ́ líle, rírọ̀ a sì máa fẹ́ rírọ̀. Èyí tí ó le máa ń kéré, ẹrù iná rẹ̀ a ki sójú kan, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù rẹ̀ a sì wà ní dídìmú ṣinṣin. Èyí tí ó rọ̀ a máa tóbi, ẹ̀lẹ́kítírọ́nù rẹ̀ a sì fọ́n káàkiri, tí ó fi rọrùn láti fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. CH₃Li wà lára àwọn líle. Àwọn tí imí-ọjọ́ wà nínú wọn wà lára àwọn rírọ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ méjì yìí nìkan kò tíì ṣàlàyé nǹkan kan, mo sì rò pé ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń kánjú kọjá. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń fa nukilófáìlì mọ́ ínóònù. Àkọ́kọ́ ni fífà tí ẹrù iná òdì máa ń fa ẹrù iná rere, kábọ̀nù kejì tí ó fara kan ọ́síjìn ni ó sì ní ẹrù rere jù lọ. Èkejì ni bí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù tí ń bọ̀ ṣe lè bá ààyè òfìfo pàdé dáadáa. Mólékù kọ̀ọ̀kan ní ààyè òfìfo kan tí ẹ̀lẹ́kítírọ́nù àlejò máa kọ́kọ́ gbà. Nínú ínóònù, ààyè yìí tàn ká orí gbogbo átọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n orí kábọ̀nù kẹrin ni ó ti fẹ̀ jù. Nukilófáìlì líle, tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ sójú kan, ẹrù iná ni ó ń tẹ̀ lé, yóò sì forí lé ìkejì. Èyí tí ó rọ̀ kò ní ẹrù líle tí ń tì í síwájú, pípàdé àwọn ààyè ni ó jẹ ẹ́ lógún, ìkẹrin ni ó sì máa ń yàn. Ní ti CH₃Li, lítíọ́ọ̀mù náà tún jẹ́ irin líle tí ó máa ń di ọ́síjìn mú, èyí sì túbọ̀ ń fa mẹ́tílì wá sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Àwọn nukilófáìlì kan wà tí àfikún tààrà wọn lè tú padà, sáyánáìdì jẹ́ ọ̀kan. Nínú òtútù, ó lè wọlé ní ìkejì kíákíá, ṣùgbọ́n bí a bá mú kí ó gbóná, tí a sì fún un láyè, yóò tú kúrò, yóò sì padà wá wọlé ní ìkẹrin, nítorí pé ìdè kábónílì tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀ lágbára ju ìdè oníméjì ti kábọ̀nù sí kábọ̀nù lọ. Nítorí náà, kí a tó sọ pé nukilófáìlì kan rọ̀ nítorí pé ó bọ́ sí ìkẹrin, ó yẹ kí a bi ara wa bóyá ó lè tú padà.

Àpẹẹrẹ tí ó kọ́kọ́ fi agbára bàbà hàn kedere wáyé ní ọdún 1941, nígbà tí Morris Kharasch àti Tawney tẹ iṣẹ́ wọn jáde láti Yunifásítì Ṣikágò. Wọ́n da CH₃MgBr, tí mágnísíọ́ọ̀mù gbé mẹ́tílì rẹ̀ dání, pọ̀ mọ́ aisofóròònù, ínóònù kan tí ó ti ní mẹ́tílì kan lórí kábọ̀nù kẹrin rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láìsí bàbà, ìkejì ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ wọ̀. Nígbà tí wọ́n fi iyọ̀ bàbà CuCl sí i, tí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ohun tí ó wọlé ní ìkẹrin lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́tílì tí ó ti wà níbẹ̀ há ọ̀nà náà. Rírọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ níhìn-ín kì í ṣe ti mẹ́tílì. Ti bàbà ni. Bàbà ni ó máa ń kọ́kọ́ di ìdè oníméjì ínóònù mú, tí yóò so mọ́ kábọ̀nù kẹrin, kí ó tó fi mẹ́tílì tí ó gbé dání lé e lọ́wọ́.

Lónìí, ọ̀pọ̀ a máa ṣe kúpréètì, ìyẹn ohun tí bàbà ti gbé mẹ́tílì méjì dání nínú rẹ̀, ṣáájú. A ó da CuI, iyọ̀ bàbà kan tí ó jẹ́ ìyẹ̀fun tí ó funfun díẹ̀, sínú ítà gbígbẹ lábẹ́ náítírójìn, a ó sì fi yìnyín tù ú dé 0 °C. Bí CH₃Li bá ti ń kán sínú rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè yóò yọ, yóò sì nípọn bí ògì; èyí ni CH₃Cu tí kò lè yòrò. Bí a bá ń kán an lọ, ìyeyè yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, nígbà tí CH₃Li bá sì pé ìlọ́po méjì CuI, gbogbo rẹ̀ yóò mọ́ gaara. Ibi tí ó ti mọ́ yẹn ni (CH₃)₂CuLi. A ó wá tù ú sí i, dé –78 °C, kí a tó máa kán ínóònù sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyeyè náà yóò sì tún padà wá, nítorí pé mẹ́tílì kan ti lọ, CH₃Cu ni ó sì ṣẹ́kù.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀ jù ni pé a kì í mọ bí CH₃Li inú ìgò ṣe lágbára tó, nítorí pé ó máa ń kú díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ. Mo ti gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ara ìgò rí, mo sì kán an kọjá ibi tí ó ti mọ́. CH₃Li tí ó ṣẹ́kù sáré wọ ìkejì, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì bá nínú ìgò. Ojú ni kí a máa fi wò ó: bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tán, tí ìyeyè bíńtín ṣì wà níbẹ̀, kí a dúró. Bí a bá sì jẹ́ kí kúpréètì náà móoru jù, yóò bàjẹ́, yóò sì dúdú.

Wíwọn ìwúwo mólékù kò lè sọ èwo ni a rí fún wa, nítorí pé C₇H₁₂O ni méjèèjì, 112 sì ni ìwúwo wọn. Ìmọ́lẹ̀ infuráreèdì ni ó máa ń yanjú rẹ̀ kíá. Sáíkílóhẹ́sẹ́nóònù tí a fi bẹ̀rẹ̀ máa ń fi kábónílì rẹ̀ hàn ní nǹkan bí 1685 cm⁻¹. Bí mẹ́tílì bá wọ ìkẹrin, ìsopọ̀ náà ti já, kábónílì yóò sì gòkè lọ sí nǹkan bí 1715. Bí ó bá wọ ìkejì, kábónílì yóò pòórá pátápátá, òkè fífẹ̀ kan yóò sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ 3400 níbi tí OH máa ń wà. Bí a bá rí 1715 àti 3400 pa pọ̀, a jẹ́ pé CH₃Li ti pọ̀ jù.

Yíyàn yìí kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ènìyàn. Nígbà tí ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ ayamáṣe bá ń yọ epo pupa lórí iná, tí epo náà gbóná kọjá ààlà, ọ̀kan lára ohun tí ń ta ojú nínú èéfín rẹ̀ ni akirólíìnì, C₃H₄O, ínóònù kékeré kan tí háídírójìn wà lára kábónílì rẹ̀. Ẹ̀fín sìgá náà ní in. Ohun tí ara fi ń gbà á mú ni gílútátáíọ́ọ̀nù, tí imí-ọjọ́ rẹ̀ rọ̀ púpọ̀, kò sì jẹ́ yà sí kábónílì: kábọ̀nù kẹrin ni ó máa ń dìmọ́. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín yóò wá gé ohun tí wọ́n dì pọ̀ yìí kéékèèké, yóò sì bá ìtọ̀ jáde, débi pé ìtọ̀ ni àwọn olùwádìí máa ń yẹ̀ wò bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí akirólíìnì tí ó wọ ara amusìgá ṣe pọ̀ tó.